Ìròyìn kíláàsì kẹrin lẹ́yìn Iléyá: ìṣirò pínpín, Erédò, àti ìdánwò

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó Iléyá, ẹ kú ayẹyẹ Ojúde Ọba. Nínú ọmọ 34, ọgbọ̀n ló wọlé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Inú mi dùn sí i.

Ìṣirò pínpín ni ọ̀rọ̀ mi gan-an. Mo bi wọ́n pé: “Kóńgò gàrí kan jẹ́ 1,200 náírà, oníbàárà mú 5,000 náírà wá. Kóńgò mélòó ni yóò rà, ẹ̀lòó sì ni ṣẹ́ńjì rẹ̀?” Kí n tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀, ọmọ kan tó máa ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní Òkè-Ajé ti dáhùn: “Mẹ́rin, ṣẹ́ńjì rẹ̀ igba náírà.” Ó gbà á! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó wá ṣe é lójú pátákó, ó yọ 1,200 kúrò nínú 5,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró. Òun nìkan kọ́ o. Ó lé ní ìdajì kíláàsì tó rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ wọn pé. Ohun tí wọ́n ń fi orí ṣe lọ́jà ni wọn ò tíì lè fi ṣe lórí ìwé, táìmù tébù 7 àti 8 kò sì tíì dá wọn lójú.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: bí ọmọ bá bá yín tajà, tàbí tí ẹ rán an níṣẹ́, ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù kó kọ iye tó gbà, iye tó ná àti ṣẹ́ńjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹ má nà án bó bá ṣì í. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.

Nínú ẹ̀kọ́ àwùjọ, a ti dé orí Erédò, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó bíi kìlómítà 160. Mo bi wọ́n pé, bí ènìyàn bá ń rin kìlómítà 20 lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni yóò fi yí i ká? Ariwo sọ! Wọ́n rí i pé ọjọ́ mẹ́jọ ni, pínpín náà sì ni wọ́n fi ṣe é, láìmọ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ni kí wọ́n bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ní ìtàn Bilikisu Sungbo tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ẹ̀rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn kọ ọ́. Ẹnu àgbàlagbà ni mo fẹ́ kó ti wá.

Ìdánwò kékeré yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ìṣirò àti Yorùbá. Òjò ti ń rọ̀ láàárọ̀, ẹ fi ọ̀rá di ìwé wọn kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìwé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú mi, mo máa ń wà ní kíláàsì títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Ìjẹ̀bú-Òde.