Ìdánwò Ìṣe Ìṣègùn: Ìwé Ibùdó Kẹta àti Ìkẹrin, fún Olùdánwò àti Aláfarawé Aláìsàn

Ẹ̀yin olùdánwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí aago àkọ́kọ́ tó dún. Ìdánwò àṣekágbá àwọn ọlọ́dún kẹfà ni. Ìṣẹ́jú 10 ni ibùdó kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 1 láti ka ìwé ẹnu ọ̀nà, 8 láti ṣiṣẹ́, 1 láti rìn lọ sí ibùdó tó kàn. Láti ọdún 1975 tí Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé irú ìdánwò yìí jáde ní Dundee, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: iṣẹ́ kan náà, àkókò kan náà, òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹ má mi orí sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fajú ro sí ẹnikẹ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákẹ́, kí ẹ̀yin náà dákẹ́.

Yorùbá la fi ń ṣe ibùdó méjèèjì, torí Yorùbá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ní ògbufọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìṣẹ́jú 3 lórí àkókò rẹ̀. Ẹ má gé máàkì nítorí ohùn tàbí ẹ̀ka èdè.

IBÙDÓ KẸTA: ÌYÁ ỌMỌ TÓ Ń ṢU GBUURU

*Ìwé ẹnu ọ̀nà, fún akẹ́kọ̀ọ́*

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ìbàdàn lẹ wà. Ìyá Tòbí gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ oṣù 11 ni, kílò 8 ló wọ̀n lónìí, ó sì ti ń ṣu gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò ara lọ́wọ́ olùdánwò. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ìyá ohun tí ẹ máa ṣe àti ohun tí òun náà máa ṣe nílé. Bèbí tó wà lọ́wọ́ ìyá ló dúró fún ọmọ, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rá ìyẹ̀fun ó-à-ẹ́sì, píọ̀wọ́tà méjì, ìgò àti kọ́ọ̀bù wà lórí tábìlì. Ẹ lè lò wọ́n.

*Fún aláfarawé aláìsàn*

Ẹ̀yin ni Ìyá Tòbí. Ọmọ ọdún 24 ni yín, ata àti tòmátì lẹ̀ ń tà ní ọjà Bódìjà. Tòbí ni àkọ́bí yín. Ẹ ò sùn dáadáa láti alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì yẹ kó hàn lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ má sunkún. Ẹ gbé bèbí náà sáyà, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ìyá ṣe máa ń ṣe.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé, ọ̀rọ̀ yín àkọ́kọ́ nìyí: “Dókítà, ẹ bá mi wo ọmọ mi. Ó ń ṣu, kò sì dá.” Ẹ dúró níbẹ̀.

Bó bá ní kí ẹ máa ṣàlàyé, ẹ sọ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ń ṣu lójúmọ́, omi lásán ni, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Ẹ fi kún un pé: “Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù, pé á lọ fúnra rẹ̀.”

Àwọn nǹkan tó tẹ̀ lé e yìí, ẹ má sọ ọ́ àfi tó bá béèrè:

Ìtọ̀: láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tọ̀, ó sì pọ́n. Oúnjẹ: ó ṣì ń mu ọyàn, àmọ́ wọ́n ní kí ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ̀kọ mímu tó ṣàn nìkan lẹ̀ ń fún un. Oògùn: ẹ ra fílájìnì olómi ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, ẹ sì ti fún un ní ṣíbí kan láàárọ̀ àti lálẹ́ láti àná. Abẹ́rẹ́ àjẹsára: ó gba gbogbo rẹ̀. Kò ṣàìsàn tó lágbára rí.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un le. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kàn bi yín pé, “Ṣé ẹ ti fún un ní ó-à-ẹ́sì?” ẹ dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń fún un,” kí ẹ sì panu dé. Àfi tó bá béèrè bí ẹ ṣe pò ó, tàbí omi tí ẹ fi pò ó, lẹ tó lè sọ pé: “Mo tú gbogbo ìyẹ̀fun yẹn sínú píọ̀wọ́tà kan, mo wá gbọ̀n ọ́n pọ̀.” Bó bá béèrè ìdí: “Mo rò pé bó bá ki ni á tètè ṣiṣẹ́.” Ẹ lè fi kún un pé ọmọ ń yí orí kúrò níbẹ̀, omi lásán ló ń fẹ́, ó tilẹ̀ ń já kọ́ọ̀bù gbà lọ́wọ́ yín.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá yín wí, tàbí tó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ pa ọmọ yín, ẹ wolẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” nìkan ni kí ẹ máa fi dá a lóhùn, títí tó fi máa rọ̀ yín. Bó bá ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù, ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ bi í pé: “Ṣé kì í ṣe pé mo ti ba ọmọ mi jẹ́?” Bó bá ní kí ẹ pò ó lójú òun, ẹ ṣe é. Bí kò bá wọn omi fún yín, ẹ tún mú píọ̀wọ́tà kan ṣoṣo.

*Èsì àyẹ̀wò, kí olùdánwò kà á sókè nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè*

Ojú ọmọ jìn wọnú díẹ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó ń ké, ṣùgbọ́n ó mọ ìyá rẹ̀. Ó ń fi ìwọra mu omi. Awọ ikùn tí a fà padà lọ́ra, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ooru ara rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 37.2.

*Ìwé máàkì (25)*

– Ó kí ìyá, ó sọ orúkọ àti ipò rẹ̀, ó béèrè orúkọ ìyá àti ti ọmọ, ó sì lo “ẹ” fún un. (2)
– Ó jẹ́ kí ìyá parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láìdá a lẹ́nu dúró. (1)
– Ó béèrè iye ìgbà tó ń ṣu, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, èébì, ìtọ̀ àti ibà. Márùn-ún tàbí mẹ́rin: 3. Mẹ́ta: 2. Méjì: 1.
– Ó béèrè ọyàn àti oúnjẹ, ó sì ní kí ìyá dá oúnjẹ ọmọ padà. (2)
– Ó béèrè oògùn tí ọmọ ti lò, ó sì ṣàlàyé pé kí wọ́n dá fílájìnì dúró, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. (2)
– Ó béèrè bí ìyá ṣe pò ó-à-ẹ́sì, ó wádìí dé ìwọ̀n omi, ó sì dá a mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. (3)
– Ó sọ pé omi ara ọmọ ti dínkù, àmọ́ kò tíì dé èyí tó le jù lọ. (2)
– Ó ní kí ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn fún wákàtí 4, kó mu mílílítà 600 tí a pò dáadáa, ìyẹn 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan, òun á sì tún un yẹ̀ wò. (2) Bó bá pè dókítà àgbà nítorí iyọ̀ tó pọ̀ jù yẹn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.
– Ó fi ọwọ́ hàn án bí a ṣe ń pò ó, lítà 1 omi mímọ́ sí ọ̀rá kan, ó sì ní kí ìyá ṣe é lójú òun. (3)
– Síǹkì: mílígíráàmù 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. (1)
– Àmì ewu tó gbọ́dọ̀ mú un gbé ọmọ padà kíákíá: kò lè mu nǹkan mọ́, ó ń bì gbogbo nǹkan, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ó ń sùn láìjí dáadáa. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀: 2. Méjì: 1.
– Kò dá ìyá lẹ́bi, ó sì dáhùn ìbẹ̀rù rẹ̀. (2)

Ẹ fiyè sí èyí, ẹ̀yin olùdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ gbogbo ìwọ̀n oògùn lórí, kó má béèrè ìwọ̀n omi. Ọmọ tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá tọ́jú lè padà wá pẹ̀lú gìrì, torí iyọ̀ tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Píọ̀wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, ọ̀rá ìyẹ̀fun tó wà lórí tábìlì wa sì nílò lítà kan gbáko. Ẹ má fún ẹni tó kàn sọ pé “ẹ máa pò ó dáadáa” ní máàkì ìbéèrè ìwọ̀n omi, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

IBÙDÓ KẸRIN: WÍWỌN ÌFÚNPÁ

*Ìwé ẹnu ọ̀nà:* Bàbá tó wà níwájú yín wá fún àyẹ̀wò lásán. Ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì sọ èsì fún un.

*Fún bàbá tó fínnúfíndọ̀ wá:* Ẹ wọ bùbá alápá gígùn, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, kí ẹ má sì fi ẹ̀yìn ti àga. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú báńdì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ìlú rẹ̀, bàbá rẹ̀, iye ọdún tó kù kó gba ìwé ẹ̀rí. Bó bá bẹ̀ yín kí ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Bí apá bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ tààrà, a máa gbé ẹlòmíì wọlé.

*Ìwé máàkì (15)*

– Ó wẹ ọwọ́. (1)
– Ó béèrè kọfí àti sìgá láàárín ìṣẹ́jú 30, ó sì sọ pé ó yẹ kí bàbá sinmi fún ìṣẹ́jú 5. (1)
– Ẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, apá wà ní ìwọ̀n àyà. (2)
– Ó ní kí bàbá bọ́ apá bùbá sílẹ̀. Ẹni tó ká a sókè títí tó fi fún apá pa, òdo. (2)
– Báńdì tó bá apá mu, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lókè ìgúnpá. (2)
– Ó fi ìka wá ìlù ẹ̀jẹ̀, ó sì fẹ́ atẹ́gùn kọjá ibi tó ti pòórá ní 20 sí 30. (2)
– Ó tú u díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ka ohùn àkọ́kọ́ àti ibi tí ohùn ti parẹ́. Okùn àfetígbọ́ olórí méjì ni kí ẹ fi gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí èsì rẹ̀ má fi ju 4 yàtọ̀ sí tiyín. (2)
– Ó pa bàbá lẹ́nu mọ́ tìtẹríba. (2)
– Ó kọ èsì sílẹ̀, ó sọ ọ́ fún bàbá, ó sì ní òun á tún un wọ̀n. (1)

Pípa bàbá lẹ́nu mọ́ ló máa ń le fún àwọn ọmọ wa, nítorí wọn ò fẹ́ rí àgbàlagbà fín. “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọkàn yín ná” tó fún máàkì méjì. Kó rẹ́rìn-ín kó máa bá iṣẹ́ lọ kò tó, torí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé ìfúnpá sókè.

Kí àwọn bàbá máa gba ara wọn lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, kí wọ́n sì máa fi apá rọ́pò apá. Nọ́ọ̀sì máa wọn ìfúnpá wọn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé 180/110 kò ní jókòó sí ibùdó, ilé ìwòsàn ni ká mú un lọ, kí a sì sanwó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un pátápátá. Bí aago ìkẹyìn bá dún, ẹ fi ọwọ́ sí ìwé máàkì, ẹ dì í, kí ẹ fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ẹ tó bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kankan.