Ìwé Àkọsílẹ̀ Omi Tó Wọlé àti Èyí Tó Jáde

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀dì 6. Ọmọkùnrin, oṣù 14, kílógíráàmù 8. Ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ sì ti gbẹ gidigidi nígbà tí wọ́n gbé e dé ní aago 8 àárọ̀.

Ẹ kọ ohun gbogbo ní mìlílítà ní kété tó bá ṣẹlẹ̀. Ìlédìí gbígbẹ wọn gíráàmù 30: ẹ wọn èyí tó ti tutù, ẹ yọ 30 kúrò, kí ẹ sì ka gíráàmù kan sí mìlílítà kan. Bí ìtọ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́, ẹ kọ ọ́ sí "àdàlù". Ẹ má ṣe fojú pín in. Ọmú ìyá kò ṣeé wọn, nítorí náà iye ìṣẹ́jú tí ọmọ fi mu ún ni kí ẹ kọ.

| Aago | Wọlé | Jáde | Ìyàtọ̀ |
|---|---|---|---|
| 8:00–8:30 | Omi Ríńgà 240 | Ìgbẹ́ 110 | +130 |
| 8:30–11:00 | Omi Ríńgà 560, omi oníyọ̀ àti ṣúgà 80, ọmú ìṣẹ́jú 10 | Ìgbẹ́ 220, èébì 40, àdàlù 35 | +345 |
| Àpapọ̀ | 880 | 405 | +475 |

Ìyàtọ̀ yìí nìkan kò fi hàn pé ara ọmọ ti gbà omi tó, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n ní aago 11, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀, awọ ara rẹ̀ àti bó ṣe ń mumi. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá wú tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń yára sí i, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.