Ìbéèrè Ìdánrawò lórí Àìbìkítà àti Ojúṣe Ìṣọ́ra, Pẹ̀lú Ìlànà Máàkì

Ìbéèrè 1 (máàkì 20)
Obìnrin kan ra mínírà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bódìjà. Ìgò náà dúdú, a kò lè rí inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mu ún dé ìdajì kó tó rí aáyán tó ti jẹrà nínú rẹ̀, ni inú rírun bá gbé e dé ọsíbítù. Gba ẹni tó mu ún nímọ̀ràn.

Máàkì: Ojúṣe, 8. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson (1932): iléeṣẹ́ jẹ ẹni tó máa mu ọjà rẹ̀ ní ojúṣe ìṣọ́ra, bí kò tilẹ̀ sí àdéhùn láàárín wọn. Rírú ojúṣe, 6. Ìpalára àti ohun tó fà á, 6. Ẹni tó bá kàn ka orúkọ ẹjọ́ láìso ó mọ́ ìgò dúdú yẹn kò gbọdọ̀ gbà ju 3 lọ lábẹ́ ojúṣe.

Ìbéèrè 2 (máàkì 15)
Ọkùnrin kan jẹ májèlé láìmọ̀. Dókítà ní kó máa lọ sílé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó kú. Ẹ̀rí fi hàn pé ìtọ́jú kankan kò lè gbà á là mọ́. Ṣé dókítà jẹ̀bi ikú náà lábẹ́ àìbìkítà?

Máàkì: Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà nìyí, nítorí ikú náà dunni. Ojúṣe wà, dókítà sì rú u (6), àmọ́ kì í ṣe òun ló fa ikú: Barnett àti Chelsea (1969) (9).

Ìbéèrè 3 (máàkì 5)
Èrò ọ̀nà rí ọmọ ọlọ́mọ tó ń rì sódò, ó kọjá lọ. Ṣé ó jẹ̀bi àìbìkítà?

Máàkì: Rárá, àfi tí àjọṣe pàtàkì bá wà, bíi ti òbí tàbí olùkọ́.