Ìwé ọpẹ́ sí Ìyá Ìbejì

Àkóbọ̀, Ìbàdàn
4 Oṣù Kẹjọ

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó, ẹ kú wàhálà wa. Ìwé pélébé tí mo fi há ẹnu ọ̀nà yín lálẹ́ Sátidé tí a dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fà á ya. “Ẹ ṣé púpọ̀, a ti dé, mà á wá gba kọ́kọ́rọ́” kì í ṣe ọpẹ́ tó yẹ ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ṣọ́ ilé onílé. Àárẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú ló kọ ìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí olè yà lọ́dọ̀ wa, ṣé èmi ni n ó wá di ọlọ́ṣà yín?

Ohun mẹ́ta péré ni mo bẹ̀ yín kí a tó lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Mánṣẹ́sítà: oúnjẹ Bíńgò, iná ìta, àti jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ìyókù, ojú yín ló rí i.

Ẹ̀ ń tan iná ní agogo méje alẹ́, ẹ̀ ń pa á ní mẹ́fà àárọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò Bàbá Ìbejì tí ẹ tún ń sá sórí okùn wa, ọgbọ́n yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí. Ta ni yóò rí ṣòkòtò ọkùnrin tó ń gbẹ lẹ́yìnkùlé tí yóò ní ilé ṣófo?

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́ ìfà kan lánàá, ó dáhùn. Bàbá Tọ́lá ní nítorí pé ẹ̀ ń ti epo, ẹ sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán kó tó kú ni. Epo tó bá sùn síbẹ̀ lóṣù méjì a máa ki, a sì dí ihò tín-ín-rín tó ń gbà kọjá. Bákan náà ni omi tí ẹ̀ ń dà sí ilé ìgbẹ́ méjèèjì àti ihò ilé ìwẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí omi bá gbẹ nínú páìpù tó tẹ̀ kọ́rọ́ yẹn, òórùn á gòkè, aáyán á tẹ̀ lé e. A ṣílẹ̀kùn, ilé ń rùn bí ilé tí ènìyàn ń gbé.

Òjò Oṣù Kẹfà wá ńkọ́! Iṣó páànù méjì ló yọrí lókè yàrá ẹ̀yìn. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, ẹ pe káfíńtà lọ́jọ́ kejì, ẹ sì ní kó kó ewé máńgòrò kúrò lójú ọ̀sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń padà wọ abẹ́ páànù. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, sílìn ni à bá bá nílẹ̀.

Mo rí àkọsílẹ̀ yín: ₦14,500 fún iṣó onírọ́bà àti owó iṣẹ́, ₦10,000 fún iná tí ẹ rà nígbà tó ku yúníìtì mẹ́rin lójú mítà. Ẹ ní kí n má dá a padà. Mo dá a padà o. ₦24,500 wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ má bá mi jà. Ọ̀rọ̀ owó lè parí, èyí tó kù ò ní iye.

Ewédú tí ewúrẹ́ jẹ, ẹ ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tó. Ó ti ń rúwé. Ẹja fírísà tí ẹ yan nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, òun la fi jẹ àmàlà lánàá. Ìdajì ni mo sọ pé kí ẹ kó, ẹ ò mú ju méjì lọ. Bíńgò ní tirẹ̀ sanra, kò sí eégbọn kan létí rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbó mi, ó sì sá lọ sí ẹnu ọ̀nà yín. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹrù inú báàgì náà: súwẹ́tà méjì fún àwọn ìbejì, tíì, àti bàtà yín, nọ́ńbà 40. Bó bá fún yín níka ẹsẹ̀, ẹ wí, kí n gbé e fún aránbàtà kó nà án.

Kọ́kọ́rọ́ tí mo ní mò ń bọ̀ wá gbà yẹn, ẹ mú un dání. Èyí tí mo fẹ́ gbà ni tiyín, kó tó di pé ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn lóṣù Kejìlá. Ẹ kọ iye ìgbà tí adìyẹ ń jẹun sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá Tọ́lá