Títọ́jú Oúnjẹ Tó Ṣẹ́ Kù Lẹ́yìn Ìkómọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ìkómọ tí a fẹ́ ṣe ní Òkè-Fíà ní Sátidé ló mú mi dìde.

Ìrẹsì ló ń kọ mí lóminú jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà títí di ìrọ̀lẹ́, kòkòrò yẹn á pọ̀ sí i, á sì tu oró sínú rẹ̀. Ẹ gbé e padà síná, oró náà kò ní lọ, bí kò tilẹ̀ tíì kan.

Nítorí náà, kí wákàtí 2 tó pé tí ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó má ga ju ìbú ìka 2 lọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1 péré ni. Tí ooru rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3. Bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ padà síná, ó gbọ́dọ̀ hó yaya kí ẹ tó bù ú jẹ.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì. Á tutù fún bíi wákàtí 4. Àjẹkù inú àwo àlejò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù.