Bọ̀dá mi, nípa fọ́ọ̀mù yẹn

Bọ̀dá mi, ẹ kú alẹ́ o. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì, ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbé fóònù tí mo tún ń gbé e sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń sá fún yín.

Màá kúkú sọ ọ́ tààrà: mi ò ní lè ṣe onígbọ̀wọ́ lóònù tẹ́ ẹ fẹ́ yá ní báǹkì láti fi ra ẹ̀rọ tó ń fá pákó yẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ n rò ó wò, mi ò sì ní kẹ́ ẹ tún pè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ní ọjọ́ Fráìdé ni wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ lè ráyè wá ọ̀nà míì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka fọ́ọ̀mù yẹn. Ojú ewé 1 àti 2 ò ní wàhálà, orúkọ ni, ibi iṣẹ́, iye tí mò ń gbà lóṣù. Ojú ewé 3 ni ọ̀rọ̀ wà, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní. Wọ́n ní tẹ́ni tó yáwó ò bá san, gbogbo ohun tó bá kù, àtèlé ẹ̀, àti owó tí wọ́n bá ná kí wọ́n tó rí i gbà, ọrùn onígbọ̀wọ́ ló wà, kò sì pọn dandan kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó yáwó kí wọ́n tó wá bá mi. Oṣù 24 gbáko, mi ò sì lè yọwọ́ láàárín ẹ̀. Bọ̀dá mi, èmi náà ṣì ń san lóònù tèmi, ó ku oṣù 17, ohun tó ń kù sọ́wọ́ mi tí wọ́n bá ti yọ tiwọn ò lè gbé gbèsè méjì láéláé. Tí ọjà bá wọ́lẹ̀ fún yín lóṣù méjì péré, àtèmi àtẹ̀yin la jọ máa wà nínú kòtò, ta ló wá fẹ́ fa èkejì jáde?

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún yín rí. Mo ti ṣe é fẹ́nì kan níbi iṣẹ́ rí. Kì í ṣe oníjìbìtì o, èèyàn dáadáa ni, iṣẹ́ ẹ̀ ló dẹnu kọlẹ̀. Oṣù 7 ni mo fi san án. Owó yẹn, mo ti gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó fọwọ́ tápò bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó sì yí padà. Ẹni tá a jọ ń jẹun lójoojúmọ́! Ojú ló ń tì í, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a ò bára wa rẹ́rìn-ín mọ́ títí dòní. Kí irú ẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí èmi àtẹ̀yin ni mi ò lè gbà, ẹ jọ̀ọ́.

Orí tábìlì tẹ́ ẹ kàn fún mi nígbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń tẹ èyí. Àjẹkù pákó lẹ fi ṣe é, ẹ ò gba kọ́bọ̀, ẹ wá fi pátákó pẹlẹbẹ há abẹ́ ẹsẹ̀ kan torí pé ó kúrú. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Torí náà ẹ jẹ́ n ṣe èyí tágbára mi ká. Mo ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, kò tó ra ẹ̀rọ tó ń fá pákó yẹn, àmọ́ ó máa dín ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yá kù. Ẹ̀bùn ni o, mi ò fẹ́ gbà á padà, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ sí mi mọ́. Ẹ tún bi wọ́n ní báǹkì bóyá ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ lè dúró fún owó náà, àwọn kan máa ń gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó lè máa gba owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín kọ lẹ́tà ẹ̀, ká jọ ṣírò ohun tó ń wọlé àtohun tó ń jáde níbi iṣẹ́ yín.

Mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni o, títí kan màámi. Tínú bá ń bí yín, ẹ pè mí kẹ́ ẹ bá mi wí, màá gbé e. Sátidé màá yà lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn iṣẹ́, ẹsẹ̀ tábìlì yìí ti tún ń mì, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ó.