Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lẹ́yìn ikú Àlájà

Àbẹ́òkúta
Ọjọ́rú

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Àlájà, ìyá yín. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí Àlùjánnà, á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára, ọjọ́ á sì jìnnà síra o. Bá mi kí Múṣàfáù àti àwọn ọmọ. Mo ń kọ èyí ránṣẹ́ ṣáájú ara mi torí pé bí mo bá dé fún fìdáù, èrò á ti kún ilé, àwa méjèèjì ò sì ní ráyè sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí o pè mí, o ní, "Wọ́n ti lọ. Màá lè sùn lónìí." Kò pẹ́ rárá tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ Àlájà, àti lọ́wọ́ èmi tí n kò tilẹ̀ mọ ohun tí o fi ṣẹ̀ mí. Gbọ́ mi dáadáa: o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ru ẹrù fún ọdún méje, tí wọ́n wá sọ̀ ọ́ fún, ọrùn rẹ̀ á mí, ì báà jẹ́ pé ẹrù náà ló fẹ́ràn jù láyé. Ara tù ọ́, ó sì ń dùn ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o mú ọ̀kan kí o fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ìtura yẹn kì í ṣe tìrẹ nìkan. Àlájà tí àwa mọ̀ ní Gbági, tí í tú léèsì wò lẹ́ẹ̀kan tí á ti mọ̀ pé kò pé yáàdì márùn-ún, tí í bá oníbàárà já owó títí oníbàárà á fi máa rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ obìnrin yẹn lè fẹ́ kí á máa gbé òun yí lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì? Láti ọdún 2018 tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, tí ọ̀rọ̀ sì dí mọ́ wọn lẹ́nu, ojú ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Àwa tí a mọ ojú yẹn mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, bí àwọn èèyàn bá ní "wọ́n ti lọ sinmi," òótọ́ pọ́nńbélé ni lọ́tẹ̀ yìí. Dáhùn àmín sí i, má jẹ́ kó dà bí ẹni pé o fẹ́ kí wọ́n lọ.

Àwọn kan á sì máa wo ojú rẹ bóyá omi ń bọ̀ níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé o ti ń sunkún Àlájà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méje: ọjọ́ tí ẹnu wọ́, ọjọ́ tí wọn kò dá orúkọ rẹ mọ̀, ọjọ́ tí o ta àwọn ìgàn aṣọ tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí o mọ̀ pé wọn kò ní padà sọ́jà mọ́. Omijé tí kò wá lójú sàréè lè wá ní oṣù kẹta, nígbà tí o bá rí ẹni tó so gèlè bíi tiwọn. Bó bá wá, jẹ́ kó wá. Bí kò bá wá náà, kò túmọ̀ sí pé o le lọ́kàn.

Jẹ́ kí n wá dá ọ lóhùn ohun tí o béèrè lórí fóònù, torí ariwo pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì rò pé o gbọ́. Bí nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe láti fi tù ọ́ nínú lásán.

O béèrè bóyá ebi ló pa wọ́n, torí pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn wọn kò gba ògì mọ́. Rárá. Bí ara bá ń palẹ̀ mọ́, inú kì í fẹ́ oúnjẹ, kò sì ní agbára láti lọ̀ ọ́. Àìjẹun kọ́ ni ikú wọn. Ikú tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹun mọ́. Ká ní ẹ fi ṣíbí rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu tipátipá ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ì bá lọ, wọn ì bá sì kú nínú ikọ́ àti àìlèmí. Òwú tí o ń rẹ sínú omi tí o fi ń nu ètè wọn, ohun tó yẹ ní ṣíṣe gan-an nìyẹn. Òǹgbẹ ètè ló kù fún wọn, o sì pa á.

Ìró tó ń hó lọ́nà ọ̀fun wọn lóru tó kẹ́yìn, tí o ní kò kúrò létí rẹ, itọ́ ni, èyí tí wọn kò lágbára láti gbé mì mọ́. Àwa tí a jókòó tì wọ́n ló máa ń bà lẹ́rù. Ẹni tó ti sùn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, gbogbo àmì tí a máa ń rí fi hàn pé kì í dà á láàmú. Bí o ṣe dá wọn dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan, tí o gbé orí wọn ga díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù.

Ti ọsibítù tí ẹ kò gbé wọn padà sí ńkọ́? Dókítà ti sọ fún yín lóṣù Kẹjọ, lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ kejì, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe níbẹ̀ tí ẹ kò lè ṣe nílé, àfi kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ wá iṣan. Àrùn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ilé wọn ni wọ́n kú sí, lórí ibùsùn tó mọ́, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ rẹ. Èèyàn púpọ̀ ló ń tọrọ èyí tí wọn kò rí.

Kí n sì sọ èyí kí n má gbàgbé: láàárín ọdún méje, egbò kan ṣoṣo ló yọ sí wọn nídìí, ó sì jinná. Mo mọ ohun tí ìyẹn gbà. Mo mọ iye ìgbà tí a ó yí èèyàn láàárín òru kan, mo mọ bí a ṣe ń gbé wọn jókòó kí wọ́n tó jẹun, tí a kì í sì í jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn rẹ̀. Òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu; Àlájà mu ún ní àmuyó.

Ẹ̀gbọ́n Làtífù ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lè dé pẹ̀lú ìbéèrè: èéṣe tí ẹ kò ṣe báyìí, ta ló ní kí ẹ dá oògùn yẹn dúró. Ọdún 2021 ló rí wọn kẹ́yìn, Àlájà tí òun ń sunkún rẹ̀ kì í ṣe èyí tí o sin. Má bá a jà níwájú àlejò. Fún un ní ìwé tí o ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti oògùn wọn sí lójoojúmọ́, kí ó lọ jókòó kà á. Ìwé yẹn á dáhùn ju ẹnu rẹ lọ. Bó bá kà á tán tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, èmi á bá a sọ̀rọ̀.

Ìdáyàtù náà, má gbàgbé rẹ̀. Ọmọ yẹn ti gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́rin, ó pàdánù ìyá àgbà, ó sì pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Bí agbára bá wà, ẹ fún un ní owó oṣù méjì lé e, ẹ sì pè é síwájú nígbà tí ẹ bá ń dárúkọ àwọn tó tọ́jú Àlájà.

Ní ti ìwà ara tìrẹ, á ṣe ọ́ bákan. Wàá máa jí ní aago méjì òru láti lọ yí wọn. Wàá gbọ́ bíi pé wọ́n ń pè ọ́. Ọwọ́ rẹ á máa wá oògùn aago mẹ́jọ. Ara tí o ti kọ́ fún ọdún méje kò ní mọ̀ lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ ti parí. Bó bá jí ọ, má ṣe jà láti sùn. Dìde, ṣe àlùwàlá, kí o sì jókòó. Àmọ́ bí oṣù bíi mélòó kan bá kọjá tí oorun ò padà, tí oúnjẹ kò wọ̀, tí o kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe pé kí o máa fara dà á. Oògùn ìfúnpá tìrẹ tí o ti ń fò, padà sí i lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn ogójì ọjọ́.

Iṣẹ́ tó kù, fi sílẹ̀ fún mi. Ẹní tìmùtìmù oníafẹ́fẹ́ yẹn, a yá a ni, màá dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kẹ̀kẹ́ ìjókòó àti páńpáàsì tí ẹ kò tíì tú, mo mọ ilé kan tí wọ́n ń wá a lójú méjèèjì. Oògùn tó ṣẹ́kù, ẹ má fún aládùúgbò kankan, ì báà jẹ́ pé ìfúnpá ló ń ṣe òun náà. Èmi á kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé oògùn tó ń gbà wọ́n padà. Aṣọ wọn ni kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn. Àwọn tó fẹ́ pín in kíákíá máa ń pọ̀, wọn kì í sì í bi ọmọ tó tọ́jú òkú léèrè èyí tó fẹ́. Mú ìborùn aláwọ̀ ewé yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè ni ẹ ó ti gba ìwé ẹ̀rí ikú. Ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tó fà á ni kí ẹ mú lọ, ẹ sì ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà bíi mẹ́fà, torí báńkì kì í dá tiwọn padà kíá. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe fi káàdì Àlájà gba owó mọ́, bí ẹ tilẹ̀ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ń fún èèyàn láṣẹ sí owó olóògbé. Gbèsè wọn, bó bá wà, ẹ san án kí ẹ tó pín ohunkóhun. Múṣàfáù mọ àwọn tí wọ́n bá ná ọjà ní Gbági, ẹ jẹ́ kó bi wọ́n.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àlájà bímọ, Àdùkẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń bọ̀, Àmọ̀kẹ́ á tẹ̀ lé mi, a ó sì sùn mọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń gbé gbẹ̀gìrì àti ẹran bọ̀, Àmọ̀kẹ́ á ro àmàlà nígbà tí a bá dé. Má dáná. Bí wọ́n bá ní kí o wá kí àlejò lọ́sàn-án, tí ó bá rẹ̀ ọ́, ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ, kí o ní èmi ló ní kí o tì í.

Bùsọ́lá rẹ